Kí Ni Àṣírí, Ta Ló Lè Gbọ́ Ọ, Títí Di Ìgbà Wo?

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké, ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù níbẹ̀, àti ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe tí ẹ máa ń wọlé wá ṣe iṣẹ́ kan kí ẹ tó máa bá tiyín lọ, ìwé kan náà ló kan gbogbo wa lónìí. Ìwé tí wọ́n máa ń gbé síwájú ènìyàn ni pé kó buwọ́ lù ú, pé òun kò ní tú àṣírí ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń buwọ́ lù ú láìkà á. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá náà ló ń dà á kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn láìkà á. Nígbà tí ìjà bá dé, àwọn méjèèjì á ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó kà á, wọn á sì rí i pé kò sọ ohun tí wọ́n rò pé ó sọ.

N kò ní sọ̀rọ̀ gbogbo ilé-iṣẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni. Wọ́n ń ṣe zóbò sínú ìgò ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ 14. Lára wọn ni obìnrin tó ń wọn èròjà, àwọn tó ń sè é, àwọn tó ń rọ ọ́ sínú ìgò, oníṣirò owó, àti ọ̀gá ìtajà tó mọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń gba ọjà. Agbaṣẹ́ṣe wọn jẹ́ 3: oníṣẹ́-ẹ̀rọ tó ń tún ẹ̀rọ ìrọmi-sígò ṣe, ayàwòrán tó ṣe lébẹ̀ẹ̀lì ara ìgò, àti ọ̀dọ́ tó kọ áàpù tí àwọn ṣọ́ọ̀bù fi ń béèrè ọjà. Zóbò wọn máa ń pẹ́ kí ó tó kan, adùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìyẹn ni oúnjẹ wọn. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ pa mọ́.

Ìwé tí wọ́n dà kọ wí báyìí pé: “Gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ bá rí, gbọ́ tàbí mọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yìí jẹ́ àṣírí títí láéláé.” Ó dún bí ẹni pé ó lágbára. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti kú. Bí gbogbo nǹkan bá jẹ́ àṣírí, adájọ́ kò ní mọ èyí tó yẹ kó dáàbò bò, òṣìṣẹ́ náà kò sì lè mọ èyí tó yẹ kó pa ẹnu mọ́ lé lórí. Láyé àwọn baba wa, bí ènìyàn méjì bá mu imùlẹ̀, kò dìgbà tí a bá ka ohun tí wọ́n ń pa mọ́ sókè. Ilẹ̀ tí wọ́n mu ló ń ṣọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi ọ́ ni pé: èwo gan-an ni àṣírí náà? Bí o kò bá lè nawọ́ sí i, ẹjọ́ rẹ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ẹjọ́ kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún 1980 tí gbogbo agbẹjọ́rò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀. Faccenda Chicken ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Adìyẹ tútù ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, tí wọ́n ń kiri fún àwọn alápatà, àwọn ṣọ́ọ̀bù àti àwọn onílé oúnjẹ. Ọ̀gá ìtajà wọn kúrò ní 1980, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì tẹ̀ lé e. Ó mọ orúkọ àwọn oníbàárà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ọjọ́ tí oníkálukú ń ra ọjà, iye tó ń rà àti iye tí wọ́n ń tà á fún un. Ilé-iṣẹ́ náà pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì pàdánù títí dé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn kò ní àdéhùn kankan tó sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́yìn tó bá kúrò. Ilé-ẹjọ́ sọ pé nígbà tí ènìyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní òtítọ́ lórí gbogbo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kúrò, ojúlówó àṣírí òwò nìkan ni òfin yóò bá ọ̀gá ṣọ́. Ìyókù ti di ọgbọ́n orí òṣìṣẹ́, ó sì lè fi jẹun.

Ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ wa ní Nàìjíríà, àmọ́ inú ìlànà kan náà ni òfin àdéhùn wa ti ṣẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò wa sì máa ń tọ́ka sí i. Ohun tó wúlò fún wa jù nínú rẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí ilé-ẹjọ́ ní kí a máa bi ara wa. Irú iṣẹ́ wo ni ẹni náà ń ṣe, ṣé ibi tí àṣírí wà ni wọ́n fi í sí? Irú ọ̀rọ̀ wo ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀? Ṣé ọ̀gá jẹ́ kó yé òṣìṣẹ́ pé àṣírí ni? Ṣé a lè ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìmọ̀ mìíràn tí òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti lò? Ẹni tó bá fẹ́ kọ àdéhùn tó dára, kó kọ ọ́ bí ẹni tó ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ ti onízóbò wa. Kí ni àṣírí wọn? Kì í ṣe pé wọ́n ń fi ìṣápá, atalẹ̀, kànáfùrù àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe é. Gbogbo ìyá tó ń ta zóbò ní ọjà Bódìjà mọ ìyẹn. Ẹ tún wo ara ìgò: NAFDAC pa á láṣẹ pé kí orúkọ àwọn èròjà wà lórí lébẹ̀ẹ̀lì. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ sára ìgò, o kò lè pè é ní àṣírí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sísè ìṣápá nínú omi gbígbóná kì í ṣe àṣírí, bẹ́ẹ̀ ni fífọ ìgò, bẹ́ẹ̀ ni bí a ṣe ń lo òṣùwọ̀n. Ọmọbìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta níbẹ̀ lè lọ ṣe zóbò tirẹ̀ lọ́la, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó jẹ́ àṣírí ni ìwọ̀n. Mélòó ni gíráàmù ìṣápá fún lítà omi kan, mélòó ni ti atalẹ̀, èwo ni a kọ́kọ́ dà sínú rẹ̀, ìgbóná wo ni a gbé e dé kí a tó rọ ọ́ sínú ìgò, ìṣẹ́jú mélòó ni a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni iye tí wọ́n ń ra ìṣápá lọ́wọ́ àwọn tó ń kó o wá láti òkè Ọya àti ẹ̀dínwó tí wọ́n gbà. Ẹ̀kẹta ni ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù: orúkọ, iye tí oníkálukú ń gbà lọ́sẹ̀, ẹni tó ń gba àwìn àti iye tó jẹ. Ẹ̀kẹrin ni ọjà tuntun tí wọn kò tíì gbé jáde. Ẹ̀karùn-ún ni nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà inú áàpù, èyí tó yàtọ̀ sí ìyókù nítorí pé àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ni í.

A lè kọ ọ́ báyìí: “Nínú àdéhùn yìí, àṣírí ni ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan tó wọ inú zóbò wa, bí a ṣe ń tò wọ́n, ìgbóná àti àkókò tí a fi ń sè é tí a sì fi ń rọ ọ́ sígò, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìsè nọ́ńbà 1 sí 4, iye tí a ń ra èròjà àti orúkọ àwọn tó ń tà á fún wa, ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú iye tí wọ́n ń gbà àti gbèsè wọn, ọjà tí a kò tíì kéde, àti ìsọfúnni ara ẹni àwọn oníbàárà.” Ẹ ṣàkíyèsí pé a dárúkọ ìwé ìsè pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ ìwọ̀n náà sínú àdéhùn. Àwọn kan máa ń fi gbogbo àkọsílẹ̀ ìsè há ara àdéhùn pé kó lè ṣe kedere. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn fún gbogbo ẹni tó buwọ́ lù ú ní ẹ̀dà àṣírí náà, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ohun tí kì í ṣe àṣírí. Mẹ́rin ni: ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó buwọ́ lùwé ló tú u, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ẹlòmíràn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́ sọ fún un, àti ohun tó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣàwárí láìlo tiwa. Kí a sì fi kún un pé ìmọ̀ iṣẹ́ gbogbogbòò tí òṣìṣẹ́ kọ́ kì í ṣe àṣírí. Àwọn ọ̀gá kì í fẹ́ kọ gbólóhùn yìí, wọ́n rò pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ìwé tó gbà pé ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun ni adájọ́ máa ń wo bí ìwé ọmọlúàbí.

Ìwé nìkan kò tó o. Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ ìwọ̀n èròjà sórí pátákó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, níbi tí awakọ̀ tó wá kó ọjà ti ń kà á, agbẹjọ́rò ẹnìkejì yóò bi wọ́n léèrè pé irú àṣírí wo ló wà lára ògiri. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí obìnrin tó ń wọn èròjà máa wọ̀n ọ́n nínú yàrá tirẹ̀, kí ó dì í sí àpò tí a kọ “A,” “B” àti “C” sí lára, kí àwọn tó ń sè é sì gba àpò nìkan. Wọ́n mọ̀ pé àpò A ló kọ́kọ́ ń wọ inú omi, wọn kò mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta péré ló mọ gbogbo rẹ̀, orúkọ wọn sì wà lákọsílẹ̀.

Ó yá, ta ló lè gbọ́ àṣírí náà? Ìwé tí kò bá sọ ẹni tí a lè sọ ọ́ fún máa ń sọ òṣìṣẹ́ di arúfin níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan. Oníṣirò owó gbọ́dọ̀ mọ iye tí a ra ìṣápá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lè ṣírò èrè. Nítorí náà, kí a kọ pé òṣìṣẹ́ lè bá òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, bí iṣẹ́ ẹni náà bá béèrè fún un, tí òun náà sì ti buwọ́ lu irú ìwé yìí. Ó lè fi han agbẹjọ́rò tirẹ̀ nígbà tó bá ń gba ìmọ̀ràn. Ó lè sọ ọ́ bí ọ̀gá tí a dárúkọ bá fún un láṣẹ nínú ìwé, kì í ṣe láti ẹnu lásán, torí àṣẹ ẹnu ni gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé lọ́jọ́ ìjà.

Òmíràn ni ohun tí òfin béèrè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ gba nọ́ńbà NAFDAC, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àkọsílẹ̀ èròjà hàn. Ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí a mú ìwé wá. Àwọn agbowó-orí lè béèrè ìwé owó. Kò sí àdéhùn tó lè dí ìyẹn lọ́wọ́, nítorí náà kí àdéhùn sọ bí a ó ṣe ṣe é: kí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 2, àyàfi bí òfin bá ní kó má sọ, kí ó fi kìkì ohun tí wọ́n béèrè hàn, kí ó sì sọ fún àwọn aláṣẹ náà pé àṣírí òwò ni. Ọjọ́ 2 yẹn máa ń fún agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ láàyè láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé ìwé náà síta fún gbogbo ènìyàn.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa ni ti aṣebi. Bí omi tí wọ́n fi ń sè zóbò bá dọ̀tí, bí wọ́n bá ń yí ọjọ́ tí ọjà yóò bàjẹ́ padà lára ìgò, tí òṣìṣẹ́ kan sì lọ sọ fún NAFDAC, ṣé ó ti tú àṣírí? Rárá. Láti ọdún 1856 ni ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yanjú èyí nínú ẹjọ́ Gartside, ti àwọn alágbàtà òwú irun àgùntàn tí akọ̀wé wọn tẹ́lẹ̀ sọ pé wọ́n ń yan àwọn oníbàárà jẹ. Ìdájọ́ náà ni pé ìwà ìbàjẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi àdéhùn pa mọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: “Kò sí ohun kan nínú àdéhùn yìí tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sọ ìwà ọ̀daràn tàbí ohun tó lè pa aráàlú lára fún àwọn aláṣẹ tó ń rí sí i.” Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ni ó ní kí a yọ gbólóhùn yẹn, kí òṣìṣẹ́ béèrè ìdí.

Mo tún máa ń rí ìwé tó ní òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ owó oṣù ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Owó oṣù ènìyàn kì í ṣe àṣírí òwò. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ń ba ìyókù jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ibi tí àṣìṣe ti ń náni lówó jù. Àwọn ìwé kan ní “títí láéláé” fún gbogbo nǹkan, àwọn kan ní “ọdún 2 lẹ́yìn tí ó bá kúrò” fún gbogbo nǹkan. Méjèèjì ló ní ìṣòro, ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń pa ilé-iṣẹ́ láìmọ̀. Ẹ rò ó wò. Bí ìwé bá sọ pé ọdún 2 ni, tí obìnrin tó ń wọn èròjà kúrò ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí oṣù Kẹta 2026 bá pé, kò sí ìlà kan nínú àdéhùn yẹn tó dè é mọ́ lórí ìwọ̀n èròjà. Agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yan ọjọ́ tí àṣírí náà yóò parí. Ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá ṣe ni wọ́n fi ìlà kan sọ dòmìnira. Ní ti “títí láéláé,” ta ni yóò fẹ́ gbọ́ iye tí a ra ìṣápá ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn? Owó ọjà ń yí padà ní oṣooṣù. Bí a bá de ènìyàn títí láé lórí ohun tí kò níye lórí mọ́, adájọ́ lè rí i pé a kàn fẹ́ dí ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kí oníkálukú ní àkókò tirẹ̀. Ìwọ̀n èròjà àti ọ̀nà ìsè: níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ àṣírí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Iye tí a ń rà á àti iye tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń gbà: oṣù 12 sí 24 lẹ́yìn tí ẹni náà bá kúrò. Ọjà tuntun: títí di ọjọ́ tí a bá kéde rẹ̀. Ìsọfúnni ara ẹni àwọn oníbàárà: èyí kò ní ọjọ́ ìparí nínú àdéhùn, torí pé òfin ló ń ṣọ́ ọ. Kí gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹni náà kọ́kọ́ rí àṣírí, kì í ṣe ọjọ́ tó buwọ́ lùwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì kí ìwé tó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ti tó láti ya fọ́tò ìwé ìsè.

Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ìwé tó ní kí òṣìṣẹ́ má ṣe irú iṣẹ́ náà mọ́. Ìyẹn jẹ́ ohun mìíràn. Òfin Àpapọ̀ lórí Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018, ní abala 68, kò fàyè gba kí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ kọjá ọdún 2. Ẹni tó bá fi ìdènà iṣẹ́ pa mọ́ sínú ìwé ìpamọ́ àṣírí, pé “kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tó jọ mọ́ ohun mímu fún ọdún 5,” ti fi ẹ̀gún sínú ẹ̀kọ ara rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe yàtọ̀ sí òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́, kódà bí kò buwọ́ lu nǹkan kan, ó jẹ ọ̀gá rẹ̀ ní òtítọ́ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe ní ọ̀gá púpọ̀. Oníṣẹ́-ẹ̀rọ tó tún ẹ̀rọ wa ṣe ní àárọ̀ lè wà ní ilé-iṣẹ́ onízóbò mìíràn ní ọ̀sán, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì sì ń tẹ̀ lé e ká. Ìwé tirẹ̀ ló lágbára jù láti dè é, nítorí náà ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tó wá ṣe, kí a sì kọ pé ohun tó bá rí kò wúlò fún iṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. Kí ó kọ orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ tí yóò mú wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ dáhùn fún ohun tí wọ́n bá ṣe. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló gba iṣẹ́ náà, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó wá nìkan.

Ti ọ̀dọ́ tó kọ áàpù tún ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ó rí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo oníbàárà. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ní àdéhùn kíkọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí dátà bá jò, tí ó sì ṣeé ṣe kí ó pa àwọn oníbàárà lára, wákàtí 72 ni ilé-iṣẹ́ ní láti sọ fún Àjọ Ààbò Dátà, láti ìgbà tó bá ti mọ̀. Bí áàpù bá jò ní alẹ́ Ẹtì, tí ọ̀dọ́ náà dúró di Ajé kó tó sọ, dátà náà ti wà níta fún ọjọ́ bíi mẹ́ta kí ọ̀gá tó gbọ́. Nítorí náà, ẹ kọ wákàtí 24 sínú ìwé tirẹ̀, kí ẹ sì fún un ní nọ́ńbà tí yóò pè ní òpin ọ̀sẹ̀.

Nípa bíbuwọ́ lùwé, nǹkan mẹ́ta ló máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni èdè. Lára àwọn tó ń rọ zóbò sígò, àwọn kan kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀ọ́kà ní àwọn ìpínlẹ̀ wa sọ pé ẹni tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé a kà á, a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kó tó buwọ́ lù ú, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ ọ́. Bí èyí kò bá sí níbẹ̀, àtẹ̀ka lórí ìwé náà lè má wúlò fún ọ̀gá nílé-ẹjọ́. Ó dára kí ẹ̀dà Yorùbá wà, kí a sì kọ èwo nínú méjèèjì ni a ó tẹ̀ lé bí wọ́n bá yàtọ̀.

Èkejì ni ti òṣìṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Àdéhùn nílò kí tọ̀tún tòsì gba nǹkan. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gba iṣẹ́. Ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́rin, tí a kàn gbé ìwé fún ní ọjọ́ Ajé, kí ló gbà? Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi kún owó oṣù rẹ̀ tàbí gbé e ga, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé torí ìyẹn ni. Bí kò bá sí ìyẹn, kí agbẹjọ́rò ṣe ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀jẹ́ tó ní èdìdì òfin àti ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta ni ìtanràn. “Ẹni tó bá tú àṣírí yóò san mílíọ̀nù márùn-ún náírà, a ó sì yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀.” Òfin Iṣẹ́ wa, ní abala 5, kò fàyè gba kí a bá òṣìṣẹ́ ọwọ́ tàbí akọ̀wé ṣe àdéhùn pé a ó yọ ìtanràn nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ nílò gan-an ni ẹ̀tọ́ láti sáré lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ pé kí ẹni náà dáwọ́ dúró, àti owó àdánù tó lè fi ìwé fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ìtajà wa kọ̀wé pé òun ń lọ. Ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù, 140 ni wọ́n, wà lórí fóònù ara rẹ̀, nítorí ilé-iṣẹ́ kò fún un ní fóònù. Ní ọjọ́ tó gbé ìwé náà wá, kí ọ̀gá jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀dà àdéhùn, kí wọ́n ka abala kọ̀ọ̀kan pọ̀. Láàárín ọjọ́ 7, kí ó dá gbogbo ìwé padà, kí ó pa fáìlì náà rẹ́ lórí fóònù àti níbi tí fóònù ń tọ́jú ẹ̀dà sí, kí a yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo ẹgbẹ́ Wáàsáàpù tí ilé-iṣẹ́ fi ń gba ọjà, kí ó sì buwọ́ lu ìwé pé òun ti ṣe é. Kí a yí ọ̀rọ̀ ìwọlé áàpù padà ní ọjọ́ tó bá lọ gan-an.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ zóbò tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá tó mọ̀ dáadáa, torí ó rántí wọn. Ìyẹn náà ṣì lè jẹ́ ìmọ̀ orí rẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì rọrùn fún ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù 90 nínú 140 bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ Wáàsáàpù kan náà lọ́jọ́ kan náà, tí iye tó pè fún oníkálukú sì fi náírà 20 kéré sí iye tí ilé-iṣẹ́ ń tà á fún ẹni náà gan-an, kò sí orí tó rántí ìyẹn. Fáìlì ni. Ilé-iṣẹ́ mìíràn a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù kan tí kò sí sínú ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ tiwọn. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé sórí fóònù yẹn, ìbéèrè ti parí.

Kí wọ́n gba àwòrán àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ jẹ́rìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago lórí wọn, kí fóònù tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì wà nípamọ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ohun tí a tẹ̀ jáde láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà; bí ìwé ẹ̀rí yẹn kò bá sí, adájọ́ lè kọ̀ láti wo àwòrán tó ṣe kedere jù lọ. Agbẹjọ́rò yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí i, yóò tọ́ka sí abala tó rú, yóò sì fún un ní ọjọ́ 7. Bí kò bá gbọ́, ọ̀ràn láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ni, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì ni wọn yóò gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ oníṣẹ́-ẹ̀rọ tàbí ayàwòrán ni, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá gbé e lọ síbi tí kò yẹ lè fi oṣù púpọ̀ jà lórí ilẹ̀kùn nìkan, nígbà tí ìwé àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn ń di àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.